Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tó ń mú kọ̀nténà fì ní èbúté Lomé

Omi èbúté Lomé jìn, ìjìn yẹn ló sì ń pe ọkọ̀ wá. Láti ọdún 1968 tí wọ́n ti ṣí i ni ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2014 tí ibùdó kọ̀nténà tí wọ́n ń pè ní LCT ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni àwọn ọkọ̀ gàgàrà ti sọ Lomé di ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, kí àwọn ọkọ̀ tó kéré sí wọn tó wá kó o lọ sí àwọn èbúté yòókù ní etíkun wa. Èyí tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ sí Bùkínà Fásò tàbí Nìjẹ̀, tírélà ló ń gbé e. Ẹni tó bá ra nǹkan ní Asígàmé, ọjà ńlá Lomé, ó ṣeé ṣe kí ohun tó rà ti so rọ̀ dirodiro lórí okùn irin kírénì rí kó tó dé orí àtẹ.

Orí ẹrù tó so rọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí, nítorí pé ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ àti ohun tí ọkàn ń rò pé òun rí kò dọ́gba. Mo ti gbọ́ àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí kọ̀nténà fi ń fì, lẹ́nu àwọn tó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn àti lẹ́nu àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ pàápàá. Òmíràn jẹ́ òótọ́, òmíràn jẹ́ irọ́, èyí tó sì ń da ènìyàn láàmú jù ni èyí tó jẹ́ òótọ́ dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí kírénì etí ọkọ̀ ṣe rí. Irin gbọọrọ kan nà jáde láti orí òpó gíga, ó kọjá lórí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Tírólì kan ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí irin yẹn, yàrá awakọ̀ sì so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Láti ara tírólì ni okùn irin ti sọ̀ kalẹ̀, férémù irin kan sì wà ní ìdí okùn tó ń gbá kọ̀nténà mú ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ́tò iná ń ti tírólì. Kò sí mọ́tò kankan tó ń ti kọ̀nténà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun tó bá wu awakọ̀ ló lè pa láṣẹ fún tírólì; ẹrù tó wà nísàlẹ̀ ń tẹ̀lé e ní ìlànà tirẹ̀.

Ká ní okùn gùn ní mítà 20 láti tírólì dé àárín ìwúwo ẹrù. Tírólì gbéra lójijì, eré rẹ̀ sì ń fi mítà 0.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí eré bá ń lé sí i lọ́nà yìí láìdáwọ́ dúró, ibi tó tọ́ kí kọ̀nténà dúró sí ni sẹ̀ǹtímítà 82 sẹ́yìn tírólì. Kì í dúró síbẹ̀. Yóò fà sẹ́yìn kọjá ibẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 160, yóò padà wá síwájú, yóò tún fà sẹ́yìn. Iye tó fi kọjá ibi tó tọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ la ó máa pè ní ìrékọjá. Àkókò tó gbà kí ìfì tó kù má ju ìdá 2 nínú 100 lọ la ó máa pè ní àkókò ìfarabalẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá 2 yẹn kò pé sẹ̀ǹtímítà 2, ìwọ̀nba sì ni èyí tí awakọ̀ nílò kó tó lè gbé kọ̀nténà lé ẹ̀yìn tírélà láìkọlu igun rẹ̀.

Nọ́ńbà méjì péré ló ń pinnu gbogbo èyí. Àkọ́kọ́ ni ìyára àbínibí, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi ωn kọ. Òun ló ń sọ bí nǹkan yóò ṣe yára fì tó bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n ìpẹ̀rọ̀, tí wọ́n ń fi ζ kọ, tó ń sọ bí ohun tó ń pa ìfì ṣe lágbára tó. Bí ζ bá jẹ́ 0, ìfì kò ní í tán láé. Bó bá jẹ́ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan yóò lọ sí àyè rẹ̀ láìrékọjá rárá. Níbi tí ζ kò bá ti tó 1, ìṣirò náà nìyí:

ìrékọjá = e^(−πζ/√(1−ζ²))

àkókò ìfarabalẹ̀ ≈ 4/(ζωn)

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. ζ nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà nínú ìlà kan ṣoṣo yẹn, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú irọ́ tí mo ti gbọ́ ti ń tú.

«Kọ̀nténà tó wúwo ló ń fì pẹ́, ló sì ń fì jìnnà jù»

Irọ́ ni. Fún ẹrù tó so rọ̀ lórí okùn, ìyára àbínibí jẹ́ ωn = √(g/L). g ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan wálẹ̀, 9.81, L ni gígùn okùn. Ìwúwo kò sí níbẹ̀. Fún okùn mítà 20, ωn jẹ́ 0.7, èyí túmọ̀ sí pé ìfì kan, àlọ àti àbọ̀, ń gba ìṣẹ́jú àáyá 9. Kọ̀nténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 tó ṣófo kò pé tọ́ọ̀nù 4. Èyí tó kún lè súnmọ́ tọ́ọ̀nù 30. Ìṣẹ́jú àáyá 9 kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ilẹ̀ ń fa èyí tó wúwo wálẹ̀ ju èkejì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó fi ń fà á sí i náà ni ẹrù ọ̀hún fi ṣòro láti mì sí i, ìkíní sì pa ìkejì rẹ́.

Mo mọ ìdí tí irọ́ yìí fi dùn ún gbà. Lórí ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní sémíjàn ní Lomé, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tó ń dá ọ̀kadà padà sípò kì í ṣe ìfà ilẹ̀, bí kò ṣe sípíríǹgì tó wà lára ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì kì í sì í le sí i nítorí pé èrò méjì gùn ún dípò ẹyọ kan. Níbẹ̀, ωn jẹ́ √(k/m), k ni líle sípíríǹgì, m ni ìwúwo. Ìpẹ̀rọ̀ rẹ̀ náà ń dínkù bí ìwúwo ṣe ń pọ̀, nítorí pé òróró inú ṣọ́ọ̀kì kò yí padà, ẹrù tó yẹ kó pa lẹ́nu mọ́ ló pọ̀ sí i. Bí ìwúwo tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ìpẹ̀rọ̀ tó jẹ́ 0.4 tẹ́lẹ̀ yóò di nǹkan bíi 0.28, ìrékọjá yóò sì fò láti ìdá 25 lọ sí ìdá 40 nínú 100. Ẹni tó bá ti gun sémíjàn tí ìyá kan àti àpò ìrẹsì wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ bí ìdí ọ̀kadà ṣe ń fò lẹ́yìn gbogbo òkè ojú títì. Ó gbé ìmọ̀ yẹn lọ sí èbúté, ó sì fi ṣe ìdájọ́ kọ̀nténà. Ọ̀tọ̀ ni sípíríǹgì, ọ̀tọ̀ ni okùn.

Atẹ́gùn òkun tún ń fi kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ìjì ń ti kọ̀nténà ní ìwọ̀n bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò bìkítà bí inú rẹ̀ bá kún tàbí ó ṣófo. Nítorí náà, èyí tó ṣófo ni atẹ́gùn ń gbé jìnnà jù. Bí ẹnì kan bá rí i tí kọ̀nténà kan ń fì púpọ̀ nínú atẹ́gùn tó sì pinnu pé ẹrù ló kún inú rẹ̀, òdìkejì ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹrù fi lè yí àkókò ìfì padà díẹ̀ ni bó bá gbé àárín ìwúwo lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí gígùn okùn nínú ìṣirò wa ń dé àárín ìwúwo, kì í ṣe orí kọ̀nténà.

«Bí tírólì bá gbéra pẹ̀lú ipá, ìrékọjá yóò pọ̀ sí i»

Bí mítà la fi ń wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni. Bí ìdá nínú 100 la fi ń wọ̀n ọ́n, irọ́ ni, ìdá yẹn ló sì ń sọ irú ẹ̀rọ tí a ní lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí tírólì gbéra pẹ̀lú 0.8 dípò 0.4. Ibi tó tọ́ kí kọ̀nténà dúró sí yóò di sẹ̀ǹtímítà 164 sẹ́yìn, yóò sì fà dé mítà 3 lé díẹ̀. Ohun gbogbo di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín àárín wọn kò sì yí padà. Àkókò ìfarabalẹ̀ náà kò yí padà, ìṣẹ́jú àáyá kan kò kún un. Èyí dúró níwọ̀n ìgbà tí igun okùn bá ṣì kéré. Níbi tí a wà yìí kò tíì pé dígíríì 10.

Ìbejì irọ́ yìí ni èyí tó ní ohun tó bá yára fì ló ń rékọjá jù. Bí a bá ká okùn kúrò ní mítà 20 sí mítà 5, ωn yóò di ìlọ́po méjì, ìfì kan yóò sì wá máa gba ìṣẹ́jú àáyá 4 ààbọ̀. Bí ζ kò bá yí padà, ìdá ìrékọjá kò ní í yí padà. Aago nìkan ni ωn ń yí: bí nǹkan ṣe rí kò yí padà, kìkì pé ó tètè ṣẹlẹ̀, ó sì tètè tán.

«Bí ìpẹ̀rọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni nǹkan yóò ṣe máa tètè farabalẹ̀»

Èyí ni òótọ́ dé ìdajì tí mo sọ. Mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni àwọn tó mọ ìṣirò pàápàá ti máa ń ṣubú.

Okùn irin tó so rọ̀ kò ní ohun púpọ̀ tó ń pa ìfì rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń kọlu kọ̀nténà àti ìfarakanra àárín okùn àti ìlù rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n ìpẹ̀rọ̀ sì lè má ju 0.01 lọ. Ìrékọjá níbẹ̀ jẹ́ ìdá 97 nínú 100. Àkókò ìfarabalẹ̀ rẹ̀ ń lọ bí ìṣẹ́jú àáyá 570, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kò sí èbúté tó lè dúró de kọ̀nténà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀ kó tó gbé e sílẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ènìyàn lè mọ ζ láìlo ẹ̀rọ kankan. Kí ó wo ibi tí ìfì dé, kí ó sì máa ka ìfì títí tí yóò fi dínkù sí ìdajì ohun tó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó wá fi iye ìfì tó kà pín 0.11. Bí ìfì 11 bá kọjá kó tó dé ìdajì, ζ jẹ́ 0.01. Bí ó bá jẹ́ ìfì kan péré, ζ ti lé ní 0.1 díẹ̀.

Báwo la ṣe ń fi ìpẹ̀rọ̀ kún ohun tí kò ní i? Nínú ọ̀pọ̀ kírénì òde òní, kámẹ́rà kan wà lára tírólì tó dojú kọ ilẹ̀, tó ń wo àmì tó wà lórí férémù. Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí férémù ṣe ń fì àti bí ìfì náà ṣe ń yára tó. Kọ̀ǹpútà á wá máa fi díẹ̀ kún eré tírólì tàbí kó máa yọ díẹ̀ kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n ìyára ìfì yẹn, kí tírólì lè máa sún tẹ̀lé ẹrù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe jẹ́ kó tẹ̀lé e tó ni ζ yóò ṣe ga tó, awakọ̀ kò sì ní láti ṣe ohunkóhun.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká máa gbé ζ sókè lórí okùn mítà 20 wa. Ní 0.1, ìrékọjá ṣì jẹ́ ìdá 73, ìfarabalẹ̀ sì ń gba ìṣẹ́jú kan ó dín díẹ̀. Ní 0.5, ìrékọjá ti wálẹ̀ sí ìdá 16, ìfarabalẹ̀ sì di ìṣẹ́jú àáyá 11 ààbọ̀. Títí dé ibí yìí, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn. Ní nǹkan bíi 0.78, ìrékọjá kù sí ìdá 2, èyí tó bá ààlà tí a fún ìfarabalẹ̀ mu gẹ́lẹ́, kọ̀nténà sì farabalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Kò sí ibi tó ti yára tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún gbé e dé 1, àkókò náà padà sókè sí ìṣẹ́jú àáyá 8. Bí a bá gbé e dé 2, ó di 21.

Ohun tó fa èyí ni pé agbára tó ń pa ìfì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrìn tí kò dára àti ìrìn tó yẹ kó wáyé. Ó ń di ẹrù mú bó ṣe ń rékọjá, ó sì ń dì í mú bákan náà bó ṣe ń lọ sí ibi tó tọ́. Nígbà tó bá ti pọ̀ jù, ẹrù kì í rékọjá mọ́, ṣùgbọ́n yóò máa fà lọ sí àyè rẹ̀ bí ìgbín, ojú awakọ̀ yóò sì máa wò ó.

Ìṣirò 4/(ζωn) kò mọ èyí. Bí ẹnì kan bá fi ζ = 2 sínú rẹ̀, yóò sọ fún un pé ìṣẹ́jú àáyá 3 ni ìfarabalẹ̀ yóò gbà, nígbà tó jẹ́ pé 21 ni. Ìṣirò yẹn dára fún ζ tí kò ju nǹkan bíi 0.7 lọ. Lẹ́yìn ibẹ̀, irọ́ ló ń pa, ẹni tó bá sì gbára lé e láti ṣètò ẹ̀rọ yóò máa fi ìpẹ̀rọ̀ kún un, yóò máa rí i tí iṣẹ́ ń lọ́ra sí i, kò sì ní í mọ ohun tó ṣe é. Àmì tí yóò fi mọ̀ rèé: bí kọ̀nténà kò bá rékọjá rárá tó sì ń pẹ́ kó tó dúró, ìpẹ̀rọ̀ ló pọ̀ jù. Bó bá ń rékọjá tó sì ń pẹ́, ìpẹ̀rọ̀ ló kéré jù.

«Níbi tí kò bá ti sí ìpẹ̀rọ̀, ìrékọjá kò ṣeé yẹra fún»

Irọ́ ni, èyí ló sì wù mí jù nínú gbogbo wọn. Ìrékọjá ìdá 97 tí a ṣírò jẹ́ ti àṣẹ kan tí a pa lójijì, lódindi. Bí àṣẹ bá yí padà, ìdáhùn ẹrù yóò yí padà, bí ζ tilẹ̀ wà ní ibi tó wà.

Ní ọdún 1957, Otto J. M. Smith, olùkọ́ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọgbọ́n náà: pín àṣẹ sí méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí kírénì wa. Dípò kí tírólì gbéra pẹ̀lú 0.4 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó kọ́kọ́ gbéra pẹ̀lú 0.2. Ibi tó tọ́ fún kọ̀nténà nísinsìnyí ni sẹ̀ǹtímítà 41 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń rékọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì, yóò fà dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 82. Yóò dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìdajì ìfì kan, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 4 ààbọ̀, yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú akàn kan kó tó yí padà, bí gbogbo ohun tó ń fì ti máa ń dúró ní ìkángun. Ní àkókò yẹn gan-an ni kí tírólì fi 0.2 kejì kún un. Ibi tó tọ́ yóò di sẹ̀ǹtímítà 82 lójú ẹsẹ̀, kọ̀nténà sì ti wà níbẹ̀, kò sì rìn. Kò sí ohun tí yóò tún mú un fì. Ìrékọjá ni a fi gbé ẹrù dé àyè rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 4 ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ sì gbà. Àwọn awakọ̀ kírénì tó mọṣẹ́ ń fi ọwọ́ ṣe ohun tó jọ èyí, wọ́n ń dúró de ẹrù ní ìkángun ìfì kí wọ́n tó fún tírólì ní eré tó kù.

Ìdí tí ọgbọ́n yìí kò fi tó fúnra rẹ̀ ni pé orí ωn ló dúró lé. Awakọ̀ kì í dúró sójú kan kó tó sọ kọ̀nténà kalẹ̀. Ó ń rìn, ó sì ń sọ okùn. Ká ní wọ́n ṣètò ìdajì kejì fún okùn mítà 20, ṣùgbọ́n okùn ti gùn dé mítà 30 nígbà tó yá. Ìfì kan ti ń gba ìṣẹ́jú àáyá 11 báyìí, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 5 ààbọ̀. Àṣẹ kejì yóò dé ní 4 ààbọ̀, kó tó di pé ẹrù dé ìkángun. Nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 ìfì tí à bá rí láìsí ọgbọ́n náà yóò ṣẹ́ kù, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 35, èyí tó ti pọ̀ jù fún ẹ̀yìn tírélà. Nítorí èyí ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ka gígùn okùn láti ara ìlù tó ń ká a, tó sì ń tún àkókò ìdajì náà ṣírò bí okùn ṣe ń gùn.

Fún atẹ́gùn, pípín àṣẹ kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Atẹ́gùn kì í gba àṣẹ, a kò sì lè pín in sí méjì kó tó dé. Ìfì tó bá wá láti òkun, kámẹ́rà àti ìpẹ̀rọ̀ nìkan ló lè pa á. Nítorí náà ni kírénì kan náà ṣe ń lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀: ó ń pín àṣẹ fún ìfì tí tírólì fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀, ó sì gbé ζ sí àárín 0.5 àti 0.8 fún èyí tó bá tinú afẹ́fẹ́ wá.